Lẹ́tà tí a kọ sí oníbàárà wa nígbà tí Awùjalẹ̀ wàjà: ìdí tí ìpolówó fi dúró àti ọjọ́ tó máa padà

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje ọdún 2025, ìròyìn méjì ló já lura wọn. Wọ́n kéde pé Ààrẹ tẹ́lẹ̀, Muhammadu Buhari, ti kú sí Lọ́ńdọ̀nù. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó ti kàn wá ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ògbàgbà Kejì, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti wàjà. Ẹni ọdún 91 ni Kábíyèsí, ọdún 1960 ni wọ́n sì ti gorí ìtẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní àgbà nílùú yìí kò mọ ọba mìíràn látìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú.

Iṣẹ́ ìpolówó ni iṣẹ́ tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa ni Alhaja kan, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbé Èkó, tó ń ta aṣọ òkè, léèsì àti gèlè, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba ọdún náà, tó bọ́ sí 8 oṣù Kẹfà, tajà fún un gan-an. Ó wá ní kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù, kí a máa fi àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn régbérégbé tó ra aṣọ lọ́wọ́ òun polówó ẹ̀dínwó oṣù Keje. Pósìtì 22 la ti ṣe sílẹ̀ tí a sì ti dá aago fún, láti 14 títí dé 31 oṣù Keje. Èyí tó wà níwájú pátápátá máa jáde ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹlẹ́ṣin kan ló wà nínú rẹ̀ tó na idà sókè, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì kà báyìí: "Kábíyèsí ti rí wa, ayé ti rí wa. Ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni!"

Nígbà tí a kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó lè pa ṣọ́ọ̀bù tuntun náà run nílùú tó ń ṣọ̀fọ̀, pàápàá ṣọ́ọ̀bù tí olówó rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú.

A pe Alhaja lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò gbé fóònù. A fi ọ̀rọ̀ ohùn ránṣẹ́ sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá nǹkan dúró.

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni èèyàn máa tẹ̀. Nínú Planner ti Meta Business Suite tí a fi ń dá aago fún pósìtì, kò sí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. O máa ṣí pósìtì náà, o máa sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, o máa bọ́ sí èyí tó kàn. Èyí tó sún mọ́ jù la ti kọ́kọ́ mú, nítorí bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ní ìdajì iṣẹ́, ó sàn kó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ṣẹ́kù. A kò pa ìkankan rẹ́, torí ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí a ti jọ fọwọ́ sí ni wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ la sún gbogbo wọn sí, a sì kọ ọjọ́ àtijọ́ àti ọjọ́ tuntun sórí ìwé kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń rí. Ẹni tó bá sún ọjọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tuntun náà á dé bá a lójú oorun, ẹlẹ́ṣin náà á sì jáde wá sọ pé ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a parí ìyẹn, Planner mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ló ti máa ń tan èèyàn jẹ. Ìpolówó olówó kò sí nínú Planner, inú Ads Manager ló wà, bẹ́ẹ̀ sì ni fídíò kan wà níbẹ̀ tí Alhaja ń sanwó lé lórí láti 10 oṣù Keje. Obìnrin kan ń wé gèlè nínú rẹ̀, dùndún ń dún lábẹ́ rẹ̀ kíkan-kíkan, ó sì ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá dá aṣọ. Kò sí ohun tí a ṣe nínú Planner tó kan fídíò yẹn. Bí a bá lọ sùn lórí pé a ti dá gbogbo rẹ̀ dúró, yóò máa wọ ojú fóònù àwọn ará Ìjẹ̀bú lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, Alhaja á sì máa fi owó ara rẹ̀ ra ìtìjú. A wọlé síbẹ̀, a pa bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìpolówó náà títí àwọ̀ búlúù fi di eérú, a sì tún ojú ìwé ṣí ká lè rí i dájú.

Ẹ̀ka kẹta ni ẹnu àwọn èèyàn. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń fi àwòrán sí Status WhatsApp tiwọn. Ọmọkùnrin aláwàdà kan ti gba owó pé òun máa gbé fídíò ẹ̀dínwó sójú ìwé òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìkíni tí WhatsApp Business ti ṣọ́ọ̀bù sì ń fi dá ẹni tó bá kọ́kọ́ kàn sí wọn lóhùn ni: "Ẹ káàbọ̀ o! Òde ń lọ, ijó ń lọ, aṣọ wo ni kí a bá yín mú?" Ẹni tó bá ń wá aṣọ funfun tó máa fi lọ kí ìdílé ọba ni ìkíni yẹn máa pàdé. A pe ọmọbìnrin tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù, ó yí i padà lójú ẹsẹ̀ sí: "Ẹ káàbọ̀. A ó dá yín lóhùn láìpẹ́."

Iṣẹ́ ọwọ́ parí síbẹ̀. Lẹ́tà ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó ti máa ń bá oníbàárà jà.

Àbúrò wa kan ní ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Ó kọ ọ́ pé nítorí àwọn ohun tó kọjá agbára wa, ìpolówó dúró díẹ̀, pé yóò padà láìpẹ́, pé kí Alhaja má bínú. Lẹ́tà oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Alhaja lè fi ṣe. Kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni, àwa la fọwọ́ ara wa dá a dúró, a sì ní ìdí. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Alhaja á rò pé Facebook ló ti ojú ìwé òun pa, á sì máa pe ọmọ rẹ̀ tó mọ kọ̀ǹpútà kiri. "Láìpẹ́" náà burú. Ẹni tó ti ra ọjà dúró de ẹ̀dínwó kò lè fi "láìpẹ́" pe alágbàṣe gèlè wá sẹ́nu iṣẹ́. Owó kò sì sí níbì kankan nínú lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí oníbàárà máa béèrè nìyẹn, yálà ó sọ ọ́ síta tàbí ó pa á mọ́ra.

Ọjọ́ ìpadà ló gba ìrònú jù. A kò fẹ́ mú ọjọ́ kan láti inú afẹ́fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ méje nítorí Ààrẹ tẹ́lẹ̀. Tí a bá kà á láti 13, ọjọ́ 19 ló parí. Mùsùlùmí ni Kábíyèsí, àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn máa bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Keje. Torí náà ọjọ́ Ajé, 21, ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn lè yọjú láìtẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ìyẹn náà kò sì túmọ̀ sí pé a máa fi ìlù wọlé lọ́jọ́ náà.

Lẹ́tà tó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé nìyí, bí a ṣe fi ránṣẹ́, àyàfi orúkọ àti àdírẹ́sì tí mo yọ:

14 oṣù Keje, 2025

Alhaja wa,

Ẹ kú àfẹ́kù Kábíyèsí Awùjalẹ̀, ẹ sì kú ti Ààrẹ tẹ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Lálẹ́ àná, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, a dá gbogbo ìpolówó yín lórí Facebook àti Instagram dúró. A pè yín, a kò bá yín, pósìtì tó kàn sì máa jáde ní aago méje òwúrọ̀ òní. Ìwé àdéhùn wa gbà wá láàyè láti dá pósìtì dúró nígbà ọ̀fọ̀ ìlú, bí a bá fi tó yín létí láàárín wákàtí 24. Lẹ́tà yìí la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí ìṣòro kankan lára ojú ìwé yín. Facebook kò fìyà jẹ yín, ẹnikẹ́ni kò fi ẹjọ́ yín sùn. Ìdí tí a fi dá a dúró ni pé pósìtì oṣù yìí kún fún ẹṣin, ìlù àti orúkọ Kábíyèsí, àwọn tí a sì ń polówó fún ń ṣọ̀fọ̀ Kábíyèsí kan náà. Àṣìgbọ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde, ṣọ́ọ̀bù yín ló máa gbé e, ọdún kìíní yín sì lẹ wà nílùú.

Ohun tó dúró ni pósìtì 22 tó wà láàárín 14 àti 31 oṣù Keje, fídíò gèlè tí ẹ ń sanwó lé lórí, àti fídíò ọmọkùnrin aláwàdà tó yẹ kó jáde lọ́la. Ọmọkùnrin náà ti gbà láti dúró, kò béèrè owó kún un. Ojú ìwé yín ṣì wà ní ṣíṣí. Àwa náà ṣì ń dá àwọn tó bá kọ̀wé síbẹ̀ lóhùn, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣíṣí tàbí títi ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ yín ló wà.

Ní ti owó: nínú ₦360,000 tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún fídíò gèlè láti 10 sí 27 oṣù Keje, ₦78,400 ti lọ kí a tó pa á. ₦281,600 tó kù wà níbẹ̀, Facebook kò ní mú nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìpolówó bá wà ní pípa. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé, bí a bá kàn tan án padà ní 23 oṣù Keje tí a kò sún ọjọ́ ìparí rẹ̀, Facebook á gbìyànjú láti ná gbogbo owó náà láàárín ọjọ́ márùn-ún tó kù, ìyẹn bíi ₦56,300 lóòjọ́ dípò ₦20,000 tí a fẹnu kò sí. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó sún ọjọ́ ìparí sí 5 oṣù Kẹjọ, kí ìnáwó ojúmọ́ lè dúró sí bíi ₦20,100.

Nǹkan kan wà tí sísún kò lè tún ṣe. Bí ìpolówó bá wà ní pípa fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Facebook máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́ irú ẹni tó yẹ kó fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí "Learning" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń wà bẹ́ẹ̀ títí tí nǹkan bí èèyàn 50 bá fi kàn sí yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iye tí ẹ ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kàn sí yín sì lè wọ́n jù tàtẹ̀yìnwá lọ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́.

Bí a ṣe fẹ́ padà nìyí. Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Keje, pósìtì kan ṣoṣo: àdírẹ́sì àti àkókò tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣí, lórí àwọ̀ kan lásán. Ọjọ́rú, 23, àwòrán ọjà máa bẹ̀rẹ̀ padà, fídíò gèlè náà á sì tàn, ṣùgbọ́n a ó yọ ìlù abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, 28, ẹ̀dínwó máa bẹ̀rẹ̀, yóò sì parí ní 14 oṣù Kẹjọ, kí ọjọ́ 18 tí ẹ ṣèlérí fún àwọn oníbàárà yín lè pé. Pósìtì 15 ló máa padà. Méje tó dárúkọ Kábíyèsí tàbí tó fi Ojúde Ọba ṣàwàdà kò ní padà, a ó ṣe méje mìíràn rọ́pò wọn láìgba owó.

Bí ààfin tàbí ìjọba bá kéde ohun tó yí ọjọ́ wọ̀nyí padà, a ó sún wọn, a ó sì sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá sí ìkéde, ọjọ́ wọ̀nyí ló dúró.

Ohun méjì la ń retí lọ́wọ́ yín kó tó di ọjọ́ Ẹtì, 18: kí ẹ fọwọ́ sí ọjọ́ ẹ̀dínwó tuntun, torí "31 oṣù Keje" wà lára àwòrán tí a ní láti tún ṣe, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n má fi àwòrán ẹ̀dínwó sí Status wọn títí di 28.

Àwa ni tiyín.

Alhaja pè kí a tó jẹun ọ̀sán tán. Ó kí wa dáadáa, ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ ohùn wa láàárọ̀, òun sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Rẹ́mọ ńkọ́?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Fídíò gèlè náà ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ń lọ sí Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn ará Rẹ́mọ kò sí lábẹ́ Awùjalẹ̀, wọ́n ní Akárìgbò tiwọn ní Ṣágámù. Alhaja ní ṣé a kò lè jẹ́ kó máa lọ lọ́hùn-ún, kí owó má dùbúlẹ̀. A lè pín in lóòótọ́, torí ibi tí ìpolówó ń lọ ṣeé yàn. Ẹ̀gbọ́n tó ni ọ́fíìsì ló dá a lóhùn. Ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú kún Ṣágámù, àna wọn ni, ọ̀rẹ́ wọn ni, wọ́n sì jọ ń ná ọjà kan náà. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo tó bá ya ojú fóònù rẹ̀ ní fọ́tò tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ẹni tó máa béèrè pé Ṣágámù ni wọ́n ti rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀fọ̀ ọjọ́ méje tí ìjọba àpapọ̀ kéde kò yọ Rẹ́mọ sílẹ̀. Alhaja ní ó dáa, kó dúró níbi gbogbo.

Ohun kejì tó fẹ́ ni pósìtì ìbánikẹ́dùn. Ọmọ rẹ̀ ti ṣe ọ̀kan: àwòrán Kábíyèsí, àmì ṣọ́ọ̀bù lókè, nọ́ńbà fóònù méjì nísàlẹ̀, àti "ilé aṣọ òkè tó dáńtọ́" ní igun ọ̀tún. Irú rẹ̀ ló kún orí ayélujára ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì máa ń bí mi nínú, torí ó dà bí ẹni tó lọ kí ọlọ́fọ̀ tó ń pín káàdì ọjà lẹ́nu ọ̀nà. A sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán, lórúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan, láìsí nọ́ńbà àti láìsí àwòrán ọjà, kí a má sì sanwó kí èèyàn púpọ̀ lè rí i. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní nọ́ńbà kan ńkọ́, kékeré. A ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ọ̀rọ̀ ìlà méjì ló jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìjọba kéde ní ìsinmi nítorí ìsìnkú Ààrẹ tẹ́lẹ̀ ní Daura.

Kò béèrè pé kí a dá owó iṣẹ́ wa padà. Mo rò pé lẹ́tà náà ti dá a lóhùn kó tó béèrè, torí pósìtì méje tí a máa tún ṣe ti wà nínú rẹ̀ lófẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ 20, lálẹ́, a tún gbé ìwé tí a kọ ọjọ́ sí jáde. Kò sí ìkéde kankan tó kan ètò wa. A ṣí pósìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ka ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn sókè sí ara wa létí, torí ohun tí ojú fò, etí lè gbá a mú. Ọ̀kan nínú wọn tí a rò pé kò ní wàhálà rárá, àwòrán aṣọ ẹtù lásán, ni ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sọ pé "aṣọ tí ọba ń wò tó ń rẹ́rìn-ín". A yí i sí "aṣọ tí kò ní parẹ́ lójú ẹni". Àwòrán ẹ̀dínwó mẹ́rin la tún ṣe, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ rọ́pò 31 oṣù Keje.

Nípa fídíò gèlè, bí èèyàn bá yí ohùn tàbí àwòrán ìpolówó tó ń lọ padà, ìyẹn nìkan tó láti dá a padà sí "Learning". Lásìkò mìíràn, a máa ń sá fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, a ti mọ̀ pé ọjọ́ méje ti kọjá, "Learning" náà ti di dandan, nítorí náà gbogbo àtúnṣe tó wà lọ́kàn wa la ṣe pa pọ̀ kí a tó tan án: ìlù kúrò, ohùn obìnrin tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń wé gèlè wọlé, ọ̀rọ̀ tuntun sì wà lókè rẹ̀. Bí a bá tan án tán ká tó tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Alhaja máa san owó ẹ̀kọ́ náà.

Kí a tó pa á, bíi ₦1,600 ló ń ná an lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù. Láti Ọjọ́rú 23, ó gòkè dé nǹkan bí ₦2,300. Lọ́jọ́ Ẹtì, Alhaja fi àwòrán ojú Ads Manager ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú àmì ìbéèrè kan. A kò kọ lẹ́tà tuntun. A ya ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ "Learning" nínú lẹ́tà ọjọ́ 14, a fi dá a lóhùn, ó sì ní, "Ẹ ti sọ ọ́ lóòótọ́." Ó tó bí ọjọ́ kẹfà kí "Learning" tó kúrò, iye náà sì sọ̀ sí bíi ₦1,700, ó dúró níbẹ̀ títí owó fi tán ní 5 oṣù Kẹjọ.

Pósìtì méje tí a yọ wà nínú fódà kan lọ́tọ̀. Alhaja fẹ́ kí a lo ẹṣin mẹ́ta nínú wọn nínú oṣù Kejìlá. A sọ fún un pé àwòrán ẹṣin kò burú, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló máa yí padà, àti pé ẹlẹ́ṣin tó wà nínú rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ tún bi léèrè, torí Ojúde Ọba ló fọwọ́ sí i fún. Nínú ìwé àdéhùn tuntun tí ó fọwọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ nọ́ńbà ọmọbìnrin tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù sí abẹ́ tirẹ̀, pé bí òun kò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí a ó pè nìyẹn, ohun tó bá sì sọ ni ká ṣe.